Ẹ ṣeun àná: lẹ́tà mẹ́ta fún ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta

Ẹni tí a ṣe lálejò lálẹ́ àná ní Kpulu, tàbí ní abúlé mìíràn ní ilẹ̀ Ajawẹrẹ, kì í jẹ́ kí oòrùn òní ga kí ó tó padà wá wí pé, “Ẹ ṣeun àná.” Bí ó bá wọ agbo ilé, kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó kí gbogbo ilé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yóò kí baálé fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, yóò kí ìyálé fún oúnjẹ, yóò sì kí ọmọkùnrin tí ó fi iná sìn ín dé ojú ọ̀nà fún ìdúró rẹ̀ nínú òkùnkùn. Bí ó bá dúpẹ́ iná lọ́wọ́ ìyálé, tí ó dúpẹ́ ọbẹ̀ lọ́wọ́ ọmọkùnrin, gbogbo ilé yóò mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ lánàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í fi kíkí onídìrí kí aláró: ojú gbooro ni ti onídìrí, àrẹ̀dú ni ti aláró, ajé á wọ igbá ni ti ẹni tí ó pàtẹ.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n mọ gbogbo èyí láti kékeré a máa gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá mú bíírò. Wọ́n lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin jókòó níwájú wọn, wọ́n bọ́ síta, wọ́n sì ti gbọ́ pé ó dára kí ènìyàn kọ lẹ́tà ọpẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ̀kan, wọ́n yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mejì, ó di mẹ́ta. Lórí èyí ni a fẹ́ dá ojú ewé wa ti ìgbà yìí dúró lé, nítorí pé lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan burú ju kí a má kọ rárá lọ. Àwọn tí a kọ ọ́ sí a máa jókòó pọ̀ lẹ́yìn wa. Akọ̀wé wọn a máa tẹ àwọn lẹ́tà náà sórí ìwé, a sì máa tò wọ́n sínú fáìlì kan náà. Ẹni tí ó ṣí fáìlì yóò rí wọn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Kí a tó lọ síwájú, ibì kan wà tí a kò gbọdọ̀ kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdánwò ìgbanisíṣẹ́ ti ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kọ́ńkúù, kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lásán. Àwọn júrì ibẹ̀ ń fún ni ní máàkì ni, wọ́n sì ń fẹnu kò ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá kọ̀wé sí wọn kí èsì tó jáde ń ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, ì báà jẹ́ pé ọpẹ́ nìkan ni ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ aládàáni, ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tàbí ní àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, ó dára. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, lẹ́tà nìkan ni kí ó lọ. Àwa ará ilẹ̀ yìí ka ọpẹ́ ọwọ́ òfìfo sí àìpé, àfi kí a fi adìyẹ tàbí ìgò kan tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní òfin tí ó gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, òfin 2011-20 ti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2011, ẹ̀bùn tí a sì gbé fún ẹni tí ó fẹ́ yan òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ di ohun tí a ó fi bi ni léèrè. Ẹ jẹ́ kí adìyẹ dúró sílé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan láti Kpulu, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Kútọnu fún ọdún mẹ́ta, tí ó sì fẹ́ padà sílé. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Ikpinlẹ, tí ó ń ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn obìnrin olùfún-epo tí ó sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò ńlá, ń wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ilé-ìpamọ́ tí yóò sì máa kọ ohun tí ó wọlé àti ohun tí ó jáde. Ẹni mẹ́ta ni ó bá jókòó: olùdarí ilé-iṣẹ́, oníṣirò owó, àti ìyá kan tí ó ń bójú tó àwọn obìnrin tí ń mú epo wá. Ìjókòó náà gbà wọ́n tó ìdajì wákàtí. Ó kí wọn, ó jáde.

Ibi tí lẹ́tà mẹ́ta náà ti yapa sí ara wọn kì í ṣe orí tábìlì ní alẹ́. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ náà ni. Kí ó tó kúrò, ó bá akọ̀wé sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó bá òun kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ pẹ̀lú oyè iṣẹ́ wọn àti àdírẹ́sì tí òun lè fi kọ̀wé sí wọn. Ẹni tí a bá ṣi orúkọ rẹ̀ kọ kò ní ka ìlà kejì. Lẹ́yìn èyí ó wá abẹ́ igi kan, ó jókòó, ó ṣí ìwé àjákọ, ó sì fa ìlà sí i kí ó lè di ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ó kọ ohun mẹ́ta: ìbéèrè tí ẹni náà bi í, gẹ́lẹ́ bí ó ti sọ ọ́, ohun tí òun dáhùn, ohun tí òun ìbá ti fi kún un. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Bí ó bá dúró títí tí yóò fi dé Kpulu, tí ó pàdé ọ̀rẹ́ lọ́nà, tí ó sì jẹun, ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta náà yóò ti pò mọ́ ara wọn, yóò wá di “wọ́n bi mí.” Inú “wọ́n bi mí” ni lẹ́tà àdàkọ ti ń jáde wá. Ẹni tí kò mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ mọ́ kò ní ohun mìíràn tí yóò yí padà ju orúkọ lọ.

Wo ohun tí ó wà nínú ìwé àjákọ rẹ̀. Olùdarí bi í bóyá ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ Kútọnu yóò lè dúró ní Ikpinlẹ ní àwọn oṣù tí ẹyìn wọ́n tí iṣẹ́ sì dín. Oníṣirò owó bi í ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe bí ìwé bá sọ pé bídọ́n 40 ni ó wọlé, tí ojú sì rí 38. Ìyá náà, ẹni tí ó jẹ́ pé èdè Yorùbá ni ó fi bá a sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bi í bí yóò ti sọ fún ìyá àgbà tí kò mọ̀wé pé a kò lè gba epo rẹ̀ nítorí pé omi wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni èyí, lẹ́tà mẹ́ta sì ti wà níbẹ̀. Sí olùdarí, ó kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní èdè Faransé. A gbé e kalẹ̀ ní Yorùbá níbí kí gbogbo ilé lè bá wa kà á:

“Ọ̀gá Olùdarí, mo dúpẹ́ fún àkókò tí ẹ fún mi láàárọ̀ òní. Ẹ bi mí bóyá n ó lè dúró ní àwọn oṣù tí ẹyìn wọ́n. Ilé wa wà ní Kpulu, oko bàbá mi ni a sì fi ń jẹun, nítorí náà mo mọ bí àwọn oṣù wọ̀nyẹn ti ń rí. Ẹ sọ pé ní àkókò náà ni ẹ fẹ́ tún ilé-ìpamọ́ tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn wù mí gan-an, n ó sì fẹ́ kí ẹ kà mí mọ́ àwọn tí ó lè ṣe é.”

Sí oníṣirò owó, òun náà ní èdè Faransé:

“Ọ̀gá, ìbéèrè yín lórí bídọ́n 40 àti 38 bá mi délé. Mo dáhùn pé n ó tún un kà, bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe. Ohun tí n kò sọ ni pé n kò ní pa 40 rẹ́. N ó kọ 38 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, èmi àti ẹni tí ó kó epo náà wá yóò sì fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin tí ẹ óò yẹ ìwé wò lẹ́yìn wa lè mọ ibi tí lítà 50 náà ti sọnù. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gan-an dán mi wò.”

Sí ìyá náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ní Yorùbá:

“Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ ṣeun àná. Mo sọ fún yín pé n ó gbé díẹ̀ nínú epo náà kaná lójú ìyá àgbà náà, kí ó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bí omi inú rẹ̀ ti ń ta. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n kọ́kọ́ fún un ní àga kí ó jókòó. N kò gbàgbé àga náà. Bí ẹ bá gbà mí sí iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ̀ yín ni n ó ti kọ́ bí a ti ń bá àwọn ìyá wa sọ ọ̀rọ̀ tí kò dùn.”

Kò sí èyí tí ó ju gbólóhùn márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Kò sì sí èyí tí a lè gbé fún ẹlòmíràn. Bí oníṣirò owó bá gba lẹ́tà ìyá náà, kò ní mọ àga wo ni wọ́n ń sọ. Èyí ni ìdánwò tí a máa ń gba àwọn ọmọ wa níyànjú láti ṣe kí wọ́n tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ bo orúkọ tí ó wà lókè, ẹ yí ipò àwọn lẹ́tà náà padà, kí ẹ sì tún wọn kà. Lẹ́tà tí ó bá ṣì dúró dáadáa lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, àdàkọ ni, bí ó ti wù kí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dùn tó.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ kì í ṣe ti ọ̀lẹ pátápátá. Ti ẹni tí ó ṣe làálàá ni. Ó kọ lẹ́tà kìíní dáadáa, ó gbé e síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà: “mo dúpẹ́” di “ẹ gba ọpẹ́ mi,” “inú mi dùn” di “ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ fún mi,” “ìjíròrò tí ó ní láárí” di “ìjíròrò tí ó kún fún ẹ̀kọ́.” Àwa tí a ń yẹ ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wò mọ irú rẹ̀ dáadáa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wo ìwé ẹnì kejì a máa yí ọ̀rọ̀ kìíní àti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn padà, ṣùgbọ́n egungun gbólóhùn rẹ̀ kò kúrò níbi tí ó wà, àṣìṣe kan náà a sì máa wà ní ibi kan náà. Ojú kì í pẹ́ rí i. Lẹ́tà ọpẹ́ náà ní egungun: ọpẹ́, lẹ́yìn náà ìyìn ilé-iṣẹ́, lẹ́yìn náà “mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà,” lẹ́yìn náà ìdágbére. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní egungun kan náà, aṣọ tí a wọ̀ fún wọn kò ní pa á mọ́.

Nítorí náà, kí ẹni tí ó fẹ́ kọ lẹ́tà kejì pa lẹ́tà kìíní dé. Inú ìwé àjákọ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú lẹ́tà tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà yóò ti rí i pé lẹ́tà olùdarí bẹ̀rẹ̀ láti inú ọpẹ́, ti oníṣirò owó bẹ̀rẹ̀ láti inú ìbéèrè rẹ̀, ọpẹ́ sì dúró dé ìparí. Ti ìyá náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ìkíni, bí ó ti tọ́ sí àgbà. A kò tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà jọra. Ohun tí ó wà láàárín òun àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó tò wọ́n. Ó sì dára kí a kọ́kọ́ kọ èyí tí ó le jù, nígbà tí orí ṣì pé, nítorí lẹ́tà ìkẹyìn ni ọwọ́ tí ó ti rẹ̀ máa ń fẹ́ dà kọ.

Ẹ̀wẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbéèrè tirẹ̀ ni ó dára jù lọ. A ti rí ẹni tí ó sọ ọ́ fún ẹni mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ má sì fi ohun tí ọ̀kan sọ gbé ọ̀kan nídìí. Àwọn wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ papọ̀ lójoojúmọ́, àwa ni a kàn wá.

Ẹni tí ó ń da ènìyàn láàmú jù ni ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ tí kò béèrè ohunkóhun. Ó máa ń wà nínú gbogbo ìgbìmọ̀. Bóyá ó ń kọ̀wé sílẹ̀, bóyá ó ń wo aago, bóyá òun ni ó yẹ ẹ̀dà dípúlómà wò ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a ṣọ́ra kí a má dá ìbéèrè kan sílẹ̀ fún un, nítorí yóò mọ̀ pé òun kò la ẹnu. Ohun tí ó ṣe gan-an ni kí a dúpẹ́ rẹ̀: ó bá wa to ìwé wa padà sínú àpò, ó sìn wá wo ilé-ìpamọ́, ó sọ fún wa ìgbà tí èsì yóò jáde. Bí kò bá ṣe ọ̀kankan nínú wọn, gbólóhùn méjì tó: ọpẹ́ pé ó jókòó tẹ́tí sí wa, àti ohun kan tí a sọ lójú rẹ̀ tí a fẹ́ kí ó rántí. Lẹ́tà kúkúrú tí ó jẹ́ òótọ́ kò bu ẹnikẹ́ni kù.

Nípa èdè, èdè tí ẹni náà fi bá wa sọ̀rọ̀ ni kí a fi dá a lóhùn. Bí ọmọbìnrin wa bá kọ Faransé sí ìyá náà, ẹlòmíràn ni yóò bá a kà á, ọ̀rọ̀ àga náà yóò sì ti tutù kí ó tó dé etí rẹ̀. Ní ti Faransé, ẹ má bẹ̀rù pé ìparí gígùn tí wọ́n kọ́ wa nílé-ìwé, èyí tí ó ń bẹ ẹni náà kí ó gba ìdánilójú ọ̀wọ̀ wa, yóò jọra nínú lẹ́tà méjèèjì. Ẹnikẹ́ni kò ka ìparí yẹn sí àdàkọ, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í ka “ẹ káàárọ̀” sí àdàkọ. Ẹ kàn rí i pé oyè tí ó wà nínú ìparí bá oyè tí ó wà lókè mu. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń da lẹ́tà kọ ti máa ń fi “Ọ̀gá Olùdarí” sílẹ̀ fún oníṣirò owó.

Bí orí ẹ̀rọ ni a ti ń fi ránṣẹ́, lẹ́tà mẹ́ta, ìfiránṣẹ́ mẹ́ta. Ẹ má fi àwọn ìyókù sí `Cc`, ẹ má sì fi wọ́n sí `Cci` pẹ̀lú èrò pé ẹnikẹ́ni kò ní rí i: ẹni tí ó wà ní `Cci` rí lẹ́tà tí a kọ sí ẹlòmíràn, ó sì mọ̀ pé a kò kọ tirẹ̀. Ẹ má lo `WhatsApp` àyàfi bí ẹni náà bá fúnra rẹ̀ fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá bí irú ìyá yìí kò ní àdírẹ́sì orí ẹ̀rọ. Ìwé tí a fi ọwọ́ kọ, nínú àpò ìwé tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí, tí a fi lé akọ̀wé lọ́wọ́, ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ ti lọ kí ọjọ́ kejì tó ṣú, nítorí àwọn ìgbìmọ̀ kékeré kì í pẹ́ kí wọ́n tó yan ẹni tí wọ́n fẹ́.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé akọ̀wé kò fún wa ní orúkọ, tàbí pé ìwé àjákọ ṣófo nítorí pé a kò tètè kọ ọ́, kí a kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí gbogbo ìgbìmọ̀ náà, kí a sọ ọ́ lójú ìwé pé gbogbo wọn ni a ń kí, kí a sì mẹ́nu ba ohun kan tàbí méjì tí a rántí. Lẹ́tà kan tí ó jẹ́wọ́ pé ti gbogbo wọn ni òun kò ní ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi í wé nínú fáìlì.

Ìdáhùn lè má wá. Ọmọbìnrin wa kò ní kọ òmíràn láti béèrè bóyá wọ́n rí ti àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá fún èsì bá kọjá, akọ̀wé ni yóò pè, ọ̀rọ̀ èsì nìkan ni yóò sì bá a sọ.